Réèlì àtẹ̀gùn fún ilé tí màmá àgbà àti ọmọ kékeré jọ ń gbé

"Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Dúpúlẹ́ẹ̀sì là ń kọ́ ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, pílásítà ti parí, táìlà máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá mi tó ti lé ní ọdún 75 máa wá bá wa gbé, mo sì ní ọmọ ọdún 2 àti ọmọ ọdún 5. Wẹ́dà ní síténlẹ́ẹ̀sì onípáìpù ìbú márùn-ún ló ń lọ báyìí, pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ táìsì, òun á wá fi súkúrúù mẹ́rin mẹ́rin de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ló yẹ kí n lò, báwo ló ṣe yẹ kó ga tó, báwo la ṣe máa de òpó rẹ̀ tí ò fi ní máa mì?"

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ kọ́ ọ parí láyọ̀. Ẹ bá mi dá táìlà yẹn dúró ná, ó kéré tán lórí àtẹ̀gùn, kó máa ṣe yàrá lọ, torí òpó réèlì ló yẹ kó kọ́kọ́ dúró kí táìsì tó dé ibẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ, ẹ ṣì lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ òpó ò ṣeé tún ṣe láìfọ́ táìsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òpó nígbà tí èèyàn bá fara tì í. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, òfin ilé gbígbé wọn ní kí réèlì lè gba 200 pọ́ùn níbikíbi lórí rẹ̀, ìyẹn bíi kílò 90, èyí sì bọ́gbọ́n mu torí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló máa já lé ọwọ́ kan yẹn. Òkè lọ́hùn-ún ni kílò 90 yẹn wà o, bíi 92 sẹ̀ǹtímítà sókè, ìsàlẹ̀ sì ni pílétì pẹlẹbẹ tí wẹ́dà fi súkúrúù dè wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tí wọ́n bá ti òpó lókè, pílétì yẹn máa fẹ́ tàkìtì lórí etí rẹ̀ kan, súkúrúù méjì tó wà lápá kejì ló máa di í mú, wọn ò sì jìnnà sí etí tó fẹ́ tàkìtì lé yẹn ju bíi 8 sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀ lọ. Ẹ fi 92 pín sí 8 ààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 10, ẹ wá fi kílò 90 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí i pé súkúrúù méjì yẹn ń gba ohun tí ò jìnnà sí kílò 1,000, ìdajì tọ́ọ̀nù fún ìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fẹ́ fà á tu lókè ganboro. Fíṣà, rọ́bà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò kí súkúrúù lè rí nǹkan dì mú, ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láyé.

Kì í ṣe pé fíṣà burú, ibi tí wọ́n ń kì í sí ló burú jù. Wọ́n pè mí sí ilé kan l'Abẹ́òkúta, òpó ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń mì, onílé ti ní kí wẹ́dà wá fún súkúrúù rẹ̀ le títí ó ti sú u. Mo ní kí ọmọ ilé kan di orí òpó mú kó máa tì í díẹ̀díẹ̀, mo wá fi ìka mi sí ibi tí pílétì ti pàdé táìsì, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mí lábẹ́ ìka, ó ń gbéra sókè ó ń padà, iyẹ̀fun funfun díẹ̀ sì ti jáde yí i ká. A tú u. Fíṣà tó wà níbẹ̀ gùn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, táìsì jẹ 1 nínú ẹ̀, sìmẹ́ńtì tí táìlà fi tẹ́ ilẹ̀ jẹ bíi 4, kọnkéré gan-an tó gbé àtẹ̀gùn ró, fíṣà ò fọwọ́ kàn án rárá. Sìmẹ́ńtì àtẹ́lẹ̀ táìlà yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀, kò le, tí wọ́n bá ti fà á lẹ́ẹ̀mélòó kan ó di eruku nínú ihò, téèyàn bá wá ń fún súkúrúù le sí i ṣe ló tún ń lọ ihò ọ̀hún gbòòrò. Ohun tí wẹ́dà yín fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Torí náà ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Mi ò rí àtẹ̀gùn yín, mo máa mú èyí tó wọ́pọ̀ ní dúpúlẹ́ẹ̀sì wa, ẹ ó fi wọn tiyín: láti ìsàlẹ̀ dé òkè mítà 3, ó pín sí méjì, láńdìn wà láàárín, ìdá kọ̀ọ̀kan ga ní mítà kan ààbọ̀, sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan ga ní 15 sẹ̀ǹtímítà, ó jìn ní 30. Láti etí sítẹ́ẹ̀pù kan dé etí èyí tó tẹ̀ lé e, téèyàn bá wọ̀n ọ́n ní dídàgẹ̀rẹ̀, ó máa jẹ́ bíi 33 sẹ̀ǹtímítà ààbọ̀, tí ẹ bá wá fi òpó sí ìkẹta ìkẹta, òpó sí òpó máa jẹ́ mítà kan géérégé, ìyẹn ló dáa. Ẹ fi òpó sí sítẹ́ẹ̀pù kìíní, ìkẹrin, ìkeje, kí ìkẹrin òpó wà lórí láńdìn. Àwọn kan máa ń fò ó dé mítà méjì kí òpó má baà pọ̀, owó ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀, òpó kan á wá máa dá ru ẹrù òpó méjì.

Pílétì tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún wẹ́dà ni 12 sẹ̀ǹtímítà sí 12, kó nípọn tó mílímítà 10, kì í ṣe páànù tín-ín-rín mílímítà 3 tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìdérí. Ihò mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan 2 sẹ̀ǹtímítà sí etí. Ẹ jẹ́ kó jó òpó mọ́ pílétì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó jó o yí po, kì í ṣe tọ́ọ̀ tọ́ọ̀ lójú méjì, kó sì kùn ún ní ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀mejì, torí ìsàlẹ̀ pílétì yẹn máa sùn sínú sìmẹ́ńtì tútù táìlà. Ìdí pàtàkì tí mo fi ní kó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa rí i níwájú.

Pílétì máa jókòó lórí kọnkéré gan-an, kì í ṣe lórí pílásítà. Ẹ ní kí wọ́n fi òòlù àti ṣísẹ́lì gbẹ́ pílásítà kúrò níbi tí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wà títí ẹ ó fi rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀. Kí àárín òpó jìnnà sí etí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tó 12 sẹ̀ǹtímítà, èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí bóòtì tó bá sún mọ́ etí jù, kọnkéré yẹn máa fọ́ bọ́ọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé e. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí n má fẹ́ràn rọ́ọ̀bóòtì lórí àtẹ̀gùn, èyí tó máa ń wú nínú ihò téèyàn bá fún un, torí wíwú yẹn ló fi ń di ara rẹ̀ mú, ó ń ti kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti fún un le, tí etí ò bá jìnnà ó máa là á. Ní àárín ilẹ̀ ńlá rọ́ọ̀bóòtì dáa, létí àtẹ̀gùn mi ò ní lò ó.

Gọ́ọ̀mù kẹ́míkà ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀pá bíi ti sílíkọ́ọ̀nù tí ìbọn kan wà fún un, tí ọ̀dà méjì máa ń pò pọ̀ ní ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹ ra irin bóòtì gígùn tó ní ìlà súkúrúù látòkè délẹ̀, mílímítà 12, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ihò rẹ̀ máa jẹ́ mílímítà 14, kó jìn tó 11 sẹ̀ǹtímítà nínú kọnkéré. Bí wọ́n bá ti dá ihò tán, ibí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan wọ́n á da gọ́ọ̀mù sí i. Eruku tó bá kù sára ihò ni gọ́ọ̀mù máa lẹ̀ mọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ kọnkéré, bóòtì yẹn máa fa jáde tòun ti gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ roboto. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin yí inú rẹ̀, kí wọ́n tún fẹ́ ẹ, kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ ṣe títí tí eruku ò fi ní jáde mọ́. Kí ẹnu ọ̀pá gọ́ọ̀mù dé ìsàlẹ̀ ihò kó tó máa jáde, kó máa bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, tó bá ti kún ìdá méjì nínú mẹ́ta kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá máa fi ọwọ́ yí irin bóòtì wọ inú ẹ̀ títí á fi kan ìsàlẹ̀. Tí gọ́ọ̀mù díẹ̀ bá yọ lẹ́nu ihò, ó dáa nìyẹn. Ìṣíwájú tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ọ̀pá, tí àwọ̀ rẹ̀ ò tíì dọ́gba, kí wọ́n tú u dànù. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àkókò tó máa fi le wà lára ọ̀pá rẹ̀, àwọn kan kì í pẹ́, àwọn kan ń gbà tó ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ kà á kí ẹ tó ra á.

Ohun tí mo ní ẹ máa rí níwájú nìyí: iná wẹ́dà ń pa gọ́ọ̀mù yìí. Tí wọ́n bá de pílétì tán tí wẹ́dà wá dúró lórí ẹ̀ ó ń jó òpó mọ́ ọn, ooru yẹn máa gba inú irin bóòtì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá gọ́ọ̀mù, á rọ̀, á jó, lójú kò sí nǹkan tó máa hàn, àmọ́ agbára rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí jíjó òpó mọ́ pílétì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àwọn irin òòró àti tòkè, ìyẹn jìnnà sí bóòtì, wọ́n lè jó ìyẹn lórí àtẹ̀gùn.

Tí dírílì bá kan irin rọ́ọ̀dù nínú kọnkéré, ó wọ́pọ̀ lórí láńdìn ju lórí sítẹ́ẹ̀pù lọ, kí wọ́n má fi agbára gé e, kí wọ́n sún pílétì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n dá òmíràn, kí wọ́n sì di ihò àkọ́kọ́. Òpó ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó wà lórí sítẹ́ẹ̀pù kìíní, òun ni màmá máa fà mọ́ra kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ sókè, òun náà ni àwọn ọmọ máa di mú tí wọ́n á máa yí po, ẹ jẹ́ kí irin rẹ̀ nípọn ju tàwọn yòókù lọ. Tí táìlà bá wá dé, ó máa gé táìsì yí ẹsẹ̀ òpó ká, ìdérí kékeré máa sọ̀ kalẹ̀ bo ibi tó gé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé pílétì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ó kan gíga rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ló ń da ọ̀pọ̀ wẹ́dà láàmú. Etí iwájú sítẹ́ẹ̀pù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lọ sókè tààrà, títí dé orí réèlì, kì í ṣe láti àárín sítẹ́ẹ̀pù, torí réèlì ń gòkè bó ṣe ń lọ, téèyàn bá wọ̀n ọ́n láti àárín, ó ti fi bíi 7 sẹ̀ǹtímítà ju bó ṣe rí lọ. Òfin ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìdìmú wà láàárín 90 sí 100 sẹ̀ǹtímítà, ti Amẹ́ríkà ní ínṣì 34 sí 38, ìyẹn bíi 86 sí 96 sẹ̀ǹtímítà. Èmi máa ń mú 92, ó wà láàárín méjèèjì, ó sì bá ọwọ́ ìyá tí ò ga púpọ̀ mu. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju 90 lọ, kódà tí màmá bá kúrú, torí tí réèlì bá ti rẹlẹ̀ ju ìdí èèyàn lọ, ẹni tó bá ṣubú sí i máa gba orí ẹ̀ kọjá.

Táìsì tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Sìmẹ́ńtì àti táìsì máa gbé ilẹ̀ sókè bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, tí wẹ́dà bá wọn 92 láti orí kọnkéré báyìí, lẹ́yìn táìsì ó ti di 87 nìyẹn. Torí náà, 97 ni kó wọ̀n láti orí kọnkéré, ẹ kọ́kọ́ bi táìlà léèrè bí tiẹ̀ ṣe máa nípọn tó gan-an. Èyí ló jẹ́ kí ẹrù orí bóòtì yí padà díẹ̀: kílò 90 lókè 97, pílétì 12 tí bóòtì rẹ̀ jìnnà sí etí kejì ní 10, bóòtì méjì máa pín bíi kílò 870, ìkọ̀ọ̀kan bíi 440, bóòtì mílímítà 12 nínú kọnkéré tó dáa gbé ìyẹn láìjanpata.

Lókè pátápátá, níbi tí ilẹ̀ òkè ti dúró tí èèyàn lè wo pálọ̀ nísàlẹ̀, 92 ti kéré jù lójú tèmi. Mítà 3 ni wọ́n á já sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 110, iye tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè fún bálíkónì ìta ni, ọmọ ọdún 5 yín máa tó di ọdún 8, á máa gbé ikùn lé orí réèlì.

Ẹ wò ó, ohun tí ọmọ nílò àti ohun tí màmá nílò kì í ṣe nǹkan kan náà, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra nǹkan olówó ńlá tí ò ṣiṣẹ́ fún ẹnì kankan. Ọmọ nílò ògiri: nǹkan tí ò ní lè gun, tí ò ní lè kọjá láàárín ẹ̀. Màmá nílò ìdìmú: nǹkan tí ìka lè yí po, tí ò já láàárín ọ̀nà. Páìpù ìbú márùn-ún tí wẹ́dà yín sọ yẹn, lójú ọmọ ọdún 2 àkàbà ni, ó máa fi ẹsẹ̀ sí ìkíní, sí ìkejì, kí ẹ tó yíjú ó ti wà lókè. Síténlẹ́ẹ̀sì kọ́ ni ìṣòro, bí wọ́n ṣe tò ó ni. Ẹ ní kó to irin lóòró. Àyè tó wà láàárín irin méjì ò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà kọjá, torí ara ọmọ kékeré lè yọ́ kọjá níbi tí orí rẹ̀ ò ti lè kọjá, ó máa wá há ní ọrùn, ìyẹn ló burú jù.

Lórí sítẹ́ẹ̀pù tó jìn ní 30, ẹ wo ìṣirò ẹ̀: páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní 2 sẹ̀ǹtímítà, tó bá fi méjì sórí sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan, 15 ni àárín sí àárín, àyè tó kù jẹ́ 13, ọmọ máa kọjá. Mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́, 10 àárín sí àárín, àyè 8. Wẹ́dà máa sọ pé méjì ti tó, torí méjì ló rò mọ́ owó, ẹ má gbà. Kí irin òòró wọ̀nyẹn máa sọ̀ kalẹ̀ dé tòsí sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kó gé gbogbo wọn sórí irin kan tó dàgẹ̀rẹ̀ lókè etí sítẹ́ẹ̀pù, torí ihò onígun mẹ́ta máa ṣẹ́ kù lábẹ́ ẹ̀ níbi tí sítẹ́ẹ̀pù ti wọnú, ẹsẹ̀ ọmọ máa ń há síbẹ̀.

Ti màmá wá kù. Ẹ fi ìdìmú kejì sí ara ògiri. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ nìkan la máa ń fi réèlì sí, a gbà pé ògiri ti wà lápá kejì, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti lè di ògiri mú. Tí ọwọ́ ọ̀tún màmá bá lágbára ju tòsì lọ, tàbí tí orúnkún kan ń dùn wọ́n, ọwọ́ yẹn ló máa wà lápá réèlì nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, tí wọ́n bá ń sọ̀ ó ti di apá ògiri, bẹ́ẹ̀ sísọ̀ ló le jù fún àgbà. Tí owó bá fẹ́ há, ẹ dín olówó ńlá kù lápá tó ṣí sílẹ̀, ẹ má yọ ti ògiri.

Ti ògiri yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ igi. Roboto, kó fẹ̀ bíi 4 sẹ̀ǹtímítà sí 4 ààbọ̀, kí àyè tó wà láàárín òun àti ògiri tó 5 kí ìka lè wọlé. Kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ ínṣì mẹ́rin tí àwọn káfíńtà fẹ́ràn láti fi borí réèlì, ìyẹn rẹwà, àmọ́ ọwọ́ arúgbó tí oríkèé ìka ń dùn ò lè dì í, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló máa gbé lé e, á yọ̀ lọ. Ìrókò tàbí ọ̀gánwó dáa, kí káfíńtà fi sàǹpépà dán an, kó kùn ún ní fáníìṣì tí ò dán jù. Igi kì í yọ̀ lọ́wọ́ tó tutù bíi síténlẹ́ẹ̀sì, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán àti màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para, gbogbo wọn máa dì í mú. Ikán ni ọ̀tá ẹ̀, kí wọ́n fi oògùn ikán pa á kí fáníìṣì tó kàn án.

Má jẹ́ kí ìdìmú yìí parí níbi tí sítẹ́ẹ̀pù parí. Kó lọ síwájú 30 sẹ̀ǹtímítà sí i lókè àti nísàlẹ̀, kó nà tààrà bí ilẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ pé àtẹ̀gùn ti tán, tí ìdìmú bá ti nà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ló kù. Kí orí rẹ̀ méjèèjì yí padà sínú ògiri, tó bá ta sóde báyìí, ó máa kọ́ apá bùbá tàbí agbádá, ó máa fa èèyàn sẹ́yìn lójijì.

Fún ọmọ ọdún 5, ẹ lè fi ìdìmú kékeré kejì sí abẹ́ ti màmá ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tín-ín-rín ju ìyẹn lọ. Lára ògiri nìkan o! Tí ẹ bá fi sí apá tó ṣí sílẹ̀, ẹ ti tún fún wọn ní ibi tí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gùn.

Ògiri yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò. Fíṣà lè bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù kó má rí nǹkan dì mú, lásán ni súkúrúù máa ń yí nígbà yẹn. Ọ̀nà tó dáa jù ní àkókò tí ẹ wà yìí, ẹ ní kí bíríkìlà gbẹ́ ihò tó tó 15 sẹ̀ǹtímítà lóòró àti níbùú sí búlọ́ọ̀kù ní ibi kọ̀ọ̀kan tí apá ìdìmú máa wà, mítà kan sí ara wọn, ti ìkángun má jìnnà sí orí ìdìmú ju 30 lọ. Kó fi omi rin ín, kó di kọnkéré sí i, sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta, kó sì kì í wọlé dáadáa. Ẹ fún un ní ó kéré tán ọjọ́ méje, kí ẹ máa bu omi sí i, kí ẹ tó lu ihò sí i. Kọnkéré ni bóòtì yín máa wọ̀ nígbà náà, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí wọ́n tó tún pílásítà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ lè mọ ibi tó wà.

Fún ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀, irin lásán tí wọ́n kùn dáadáa ni mo máa yàn fún òpó àti irin òòró, kí ìdìmú orí rẹ̀ jẹ́ igi roboto bíi ti ògiri. Ó lágbára, wẹ́dà ibikíbi lè tún un jó, owó tó ṣẹ́ kù á ra ti ògiri. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, torí omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, ẹ máa wò ó lọ́dọọdún, ẹ kùn ún ní kété tí ìpẹtà bá yọ.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ síténlẹ́ẹ̀sì, kò burú, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Èyí tó pọ̀ lọ́jà ni 201, ó máa ń dán bíi 304 lọ́jọ́ tí ẹ bá ra á, àmọ́ nikẹ́lì inú rẹ̀ kéré, máńgánísì ni wọ́n fi dípò, kò sì lè dúró de ìpẹtà bí 304 tí nikẹ́lì inú rẹ̀ tó bíi ìdá 8 nínú 100. Àwọn èèyàn máa ní kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, ìyẹn ò lè sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yìí, torí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ẹ́ lẹ̀ mọ́ ìkankan nínú wọn. Oògùn kékeré kan wà tí wọ́n ń kán sí i lára tó máa ń pọ́n tó bá jẹ́ 201, ẹ ní kí wọ́n kán an lójú yín. Ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n gé páìpù náà, òpó tí kò nípọn tó mílímítà 1 ààbọ̀, ẹ dá a padà. Nínú ilé ní Ìbàdàn 304 tó, kódà 201 lè pẹ́ díẹ̀, àwọn ará Lẹ́kì tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí ni mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún. Gíláàsì, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ fún ilé yìí, àyàfi èyí tí wọ́n fi iná mú le tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ ní ìpele méjì, owó ẹ̀ ga, ẹ ṣì máa nílò ìdìmú lórí ẹ̀.

Ti ọmọ ọdún 2, ẹ ṣì máa fi géètì kékeré sókè àtẹ̀gùn fún ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì sí i. Géètì tí wọ́n kàn fún há àárín láìsí súkúrúù, ẹ má lò ó lókè, ìsàlẹ̀ nìkan ló wà fún, tí ọmọ bá fara lé e lókè ó lè yọ kó tẹ̀ lé e já sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bóòtì de mọ́ òpó ni kí ẹ lò, kó sì ṣí sápá ilẹ̀ òkè, má jẹ́ kó ṣí sórí àtẹ̀gùn.

Kí ẹ tó san owó tó ṣẹ́ kù fún wẹ́dà, ẹ gé pákó kan ní 10 sẹ̀ǹtímítà géérégé, ẹ gbé e yí gbogbo àyè irin ká látìsàlẹ̀ dókè, ibi tó bá ti kọjá kó tún un ṣe. Ẹ ní kí géńdé kan di orí òpó kọ̀ọ̀kan mú kó fi gbogbo agbára tì í kó sì fà á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ fi ìka sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ṣe l'Abẹ́òkúta. Ṣe ni kó ṣe èyí kí táìsì tó bo pílétì, torí nígbà yẹn ẹ ṣì ń rí nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irin lókè lè tẹ̀ díẹ̀ kó padà, ìyẹn ò ṣe nǹkan, àmọ́ tí ìka yín bá gbọ́ ìmira kankan nísàlẹ̀, kí wọ́n yọ bóòtì yẹn, kí wọ́n fọ ihò rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tún un ṣe.